Ibi Tí Iná Bátìrì Ọ̀kadà Ń Gbà Lọ

Bátìrì ọ̀kadà kì í ṣàdédé gbẹ. Bí ó bá ń kú lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bátìrì náà ti gbó débi pé kò lè gba iná dúró mọ́. Ó lè jẹ́ pé iná ń jò jáde nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti pa kọ́kọ́rọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò dá iná padà sínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọ̀kadà ń jẹ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè pèsè lọ. Àkọ́kọ́ nìkan ni bátìrì tuntun lè wò sàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Síbẹ̀, bátìrì tuntun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà máa ń kọ́kọ́ rà. Tí èyí náà bá tún kú láàárín oṣù méjì, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

Ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ló máa ń jí bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ ta á, kódà bí bátìrì rẹ̀ ti kú fin-ínfin-ín. Nínú irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀, iná tí púlọ́ọ̀gù fi ń sáná kì í ti inú bátìrì wá. Inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti ń wá. Nítorí náà ẹni tó ni ín lè máa gùn ún lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìbìkítà, títí họ́ọ̀nù fi máa dákẹ́ tí tráfíkétọ̀ kò sì ní ṣẹ́jú mọ́. Nígbà tí yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ rìwáyà, òfo tí bátìrì ti wà fún ìgbà pípẹ́ á ti bà á jẹ́ nínú, àìsàn kan á sì ti di méjì.

Iná inú bátìrì ní orísun kan ṣoṣo. Lábẹ́ ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, mágínẹ́ẹ̀tì kan wà tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Nínú mágínẹ́ẹ̀tì náà ni kọ́ìlì wà, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin, tó dúró gbọnin-gbọnin lójú kan. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń yí kọjá lára kọ́ìlì ni iná ń jáde nínú wáyà bàbà yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe ń sáré sí ni iná náà ń pọ̀ sí. Àmọ́ iná tó ń lọ síwájú tó tún ń padà sẹ́yìn ni, bátìrì kò sì lè gba irú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹtifáyà ni láti jẹ́ kí ó máa lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Àpótí irin kékeré náà, tó ní ìyẹ́ ìyẹ́ lára, ni ẹ̀rọ tó ń ká iná lọ́wọ́ kò tún máa ń wà, kí iná tó ń wọ bátìrì má bàa kọjá nǹkan bíi fóltì 14.5. Ìdí nìyẹn tí àwọn mekáníìkì kan fi ń pe àpótí kan náà ní rẹtifáyà, tí àwọn mìíràn ń pè é ní rẹgulétọ̀. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà.

Irú ọ̀kadà kan tó pọ̀ ní ìgboro wa, ìyẹn àwọn ọ̀kadà kékeré tí wọ́n ṣe ní àwòṣe Hóńdà CG125 àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Ṣáínà wá, ní ètò kan tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, kọ́ìlì náà ní ẹ̀ka méjì. Ẹ̀ka kan ń bọ́ iná iwájú tààrà, láìgba inú bátìrì kọjá. Ìdí nìyẹn tí iná iwájú fi ń ṣe bàìbàì bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń mí, tí ó sì ń tàn yòò bí wọ́n bá fún un ní túrótù. Ẹ̀ka kejì, tó sábà máa ń kéré, ló ń ṣáàjì bátìrì. Àwọn tó ṣe ọ̀kadà náà ṣírò ẹ̀ka kejì yìí fún họ́ọ̀nù, tráfíkétọ̀, iná bíréèkì àti ìwọ̀nba nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọn kò ṣírò rẹ̀ fún iná alárànbarà àti ẹ̀rọ orin. Àwọn ọ̀kadà ńláńlá ní tiwọn ní kọ́ìlì tí wáyà mẹ́ta aláwọ̀ kan náà ń ti inú rẹ̀ jáde, iná wọn sì pọ̀ ju ti kékeré lọ dáadáa.

Mítà oníná kékeré, èyí tó ní wáyà pupa àti wáyà dúdú, tó ṣe é fi wọn fóltì, óòmù àti ámpíà, tó láti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó kù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí wọ́n tò ó tẹ̀ léra, nítorí pé bí bátìrì fúnra rẹ̀ kò bá dára, gbogbo ohun tí mítà bá sọ lẹ́yìn náà lè jẹ́ irọ́.

Bátìrì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sórí ṣájà títí yóò fi kún, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà máa ń pariwo fóltì tí kò ní nínú. Bátìrì oníásíìdì tó kún dáadáa máa ń wà láàárín fóltì 12.6 sí 12.8 bí kò bá sí nǹkan tó ń jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ 12.4, ó ti dín díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Bí ó bá sì ti wà ní 12 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ti ń pa á gidi. Bátìrì tí wọ́n ṣáàjì fún gbogbo òru tó sì dúró sórí nǹkan bíi 10.5 ní ìtumọ̀ tirẹ̀: yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì fóltì 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń mú fóltì 2.1 wá. Ọ̀kan ti kú nínú wọn nìyẹn. Kò sí ṣájà tó lè jí i.

Fóltì nìkan kò tó láti fi dájọ́, ṣá. Bátìrì tó ti gbó lè fi 12.7 hàn ní ìdúró, kí ó sì wó lulẹ̀ ní kété tí wọ́n bá gbé ẹrù lé e. Kí wọ́n fi mítà lé orí rẹ̀, kí ẹnì kan tẹ sítátà. Bí fóltì bá lọ sílẹ̀ sí 10 tàbí díẹ̀ lókè rẹ̀ tí ó sì padà kíákíá, bátìrì náà ṣì lágbára. Bí ó bá já wálẹ̀ sí 8 tàbí 7, inú rẹ̀ ti jẹ. Ọ̀kadà tí kò ní sítátà oníná lè lo họ́ọ̀nù àti tráfíkétọ̀ papọ̀. Ìwọ̀nyẹn kò wúwo tó sítátà, kò sì yẹ kí fóltì bátìrì tó kún já púpọ̀ lábẹ́ wọn.

Bí bátìrì bá yege, ìbéèrè tó kàn ni bóyá iná ń jò nígbà tí ọ̀kadà wà ní pípa. Wọ́n á tú wáyà ẹsẹ̀ dúdú bátìrì, wọ́n á yí mítà sí ámpíà, wọ́n á sì fi mítà sáàárín ẹsẹ̀ dúdú náà àti wáyà tí wọ́n tú. Ihò ámpíà 10 ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, kí fíùsì inú mítà má bàa jó, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ sítátà lásìkò yìí. Ọ̀kadà kékeré tí kò ní álámù kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun hàn, tàbí kí ó jẹ́ ìdá kan lára ẹgbẹ̀rún ámpíà. Álámù máa ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 sí 30 lára ẹgbẹ̀rún ámpíà, tọ̀sán-tòru. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣírò rẹ̀ wò. Bátìrì tí wọ́n kọ 7Ah sí lára lè fúnni ní ámpíà kan fún wákàtí 7. Bí álámù bá ń fa ìdá 25 lára ẹgbẹ̀rún ámpíà, wákàtí 280 ló máa fi gbé bátìrì náà mì tán, ìyẹn ọjọ́ mọ́kànlá àti wákàtí 16. Ọ̀kadà tí olówó rẹ̀ gbé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tó lọ sí ìlú, òfìfo ni yóò bá bátìrì rẹ̀.

Bí iná tó ń jò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi mítà sílẹ̀ níbi tó wà, kí wọ́n sì máa yọ àwọn nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: álámù, ṣájà fóònù, ẹ̀rọ orin. Ohun tí wọ́n bá yọ tí nọ́ńbà orí mítà fi já ni olè. Kí wọ́n má gbàgbé rẹtifáyà nínú àyẹ̀wò yìí. Bí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, iná bátìrì á máa gba inú rẹ̀ padà sínú kọ́ìlì, á sì gba ibẹ̀ wọ ara ẹ́ńjìnnì lọ, láìfi kọ́kọ́rọ́ pè. Bí wọ́n bá fa ojú wáyà rẹtifáyà yọ tí jíjò náà sì dáwọ́ dúró, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá jí ẹ́ńjìnnì. Àyẹ̀wò tó kàn yìí kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì máa ń sọ ohun tó pọ̀ jù. Wọ́n á fi mítà lé ẹsẹ̀ méjèèjì bátìrì tó kún, wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wo nọ́ńbà, lẹ́yìn náà wọ́n á fún un ní túrótù títí yóò fi dún bí ìgbà tí ọ̀kadà ń sáré geere lójú títì tó dára. Bí nọ́ńbà bá gòkè láti nǹkan bíi 12.7 sí àárín 13.8 sí 14.5, ìpèsè iná dára. Bí kò bá kúrò lójú kan, tàbí tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná kankan kò dé bátìrì. Bí ó bá sì kọjá 15, apá tó ń ká iná lọ́wọ́ kò nínú rẹtifáyà ló ti bàjẹ́. Irú ọ̀kadà yìí á máa jó gílóòbù ní àjómọ́jó, omi bátìrì rẹ̀ á máa gbẹ kíákíá, ara bátìrì á sì máa gbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí ìṣòro yìí, nítorí wọ́n rò pé iná tó pọ̀ kò lè pa bátìrì. Ó ń pa á, kíá sì ni.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Àwọn kan máa ń tú ẹsẹ̀ bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, ìṣáàjì rẹ̀ dára. Kò fi ohunkóhun hàn lára ọ̀kadà tí iná púlọ́ọ̀gù rẹ̀ kì í ti inú bátìrì wá. Ohun tó sì lè ṣe ni kí fóltì fò sókè lójijì, kí ó jó gílóòbù àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà lára ọ̀kadà.

Bí nọ́ńbà kò bá gòkè, kọ́ìlì ni kí wọ́n yẹ̀ wò ṣáájú rẹtifáyà, nítorí pé rẹtifáyà kò lè tún ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú ohunkóhun, kí wọ́n fa ojú wáyà tó wà láàárín àwọn méjèèjì yọ, kí wọ́n sì wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti pọ́n bí ẹyin tó jóná, tó rọ̀, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn ẹyín bàbà inú rẹ̀ ti dúdú tí ó sì ti là, ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà wà. Ibi tí ojú wáyà kò bá ti fúnra dáadáa ló máa ń gbóná, bó sì ṣe ń gbóná ni yóò tún máa tú sí i. Wáyà tuntun àti ojú wáyà tuntun kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì.

Bí ojú wáyà bá mọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní yíyọ, wọ́n á jí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì yí mítà sí ibi tí wọ́n ti ń wọn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, èyí tó máa ń ní àmì V~. Lára ọ̀kadà kékeré onírúurú tí a ń sọ yìí, wọ́n á wọ̀n ọ́n láàárín wáyà ìṣáàjì, tó sábà máa ń jẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ẹ́, àti ara irin ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ wáyà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà kí wọ́n wo ìwé ọ̀kadà náà bí ó bá wà. Lára ọ̀kadà oníwáyà mẹ́ta, wọ́n á wọ̀n ọ́n láàárín wáyà méjì méjì, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iye fóltì tó yẹ kí ó jáde kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ọ̀kadà. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ó gòkè geere bí túrótù ti ń gòkè, láti nǹkan bíi 15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń mí dé 40 tàbí 50 nígbà tó bá ń sáré. Kọ́ìlì tó dúró sórí 5 tàbí 6 láìka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń pariwo sí ti jóná. Kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kan ojú wáyà yẹn lásìkò àyẹ̀wò yìí, torí iná tó ń jáde níbẹ̀ lè gbọn ènìyàn.

Àyẹ̀wò òómù ni wọ́n ń fi kún un nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kọ́ìlì tó yè ti ń gba ìdájọ́ ikú. Kọ́ìlì tó dára kò ní ju óòmù kan tàbí díẹ̀ lé lọ. Wáyà mítà fúnra rẹ̀ lè ní ìdajì óòmù, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn, kí wọ́n sì yọ iye tó bá hàn kúrò nínú ohun tí wọ́n bá wọ̀n. Ìdẹkùn kejì tóbi ju ìyẹn lọ. Àwọn ìwé kan sọ pé kọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì rárá, pé bí mítà bá fi hàn pé wọ́n kan ara wọn, kọ́ìlì ti bàjẹ́. Òótọ́ nìyẹn fún ọ̀kadà oníwáyà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ so ìdí kọ́ìlì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, nítorí náà bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí wọ́n kan ara wọn. Mekáníìkì tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á tú kọ́ìlì tí kò ṣe nǹkan kan, á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lásán.

Àìsàn kan tún wà tí àyẹ̀wò ní tútù kì í rí. Ọ̀dà tí wọ́n fi bo wáyà bàbà inú kọ́ìlì lè ti là nítorí ooru, kí ó sì jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ni àwọn wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á wá máa kan ara wọn. Ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ á ṣáàjì dáadáa láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á dákẹ́. Kí wọ́n gùn ún fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì tún àyẹ̀wò fóltì ṣe nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná. Bí wọ́n bá wá ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á rí i: kọ́ìlì tó dára máa ń ní àwọ̀ bàbà tó ń dán, èyí tó jóná á ti dúdú bí èédú, á sì máa rùn.

Bí kọ́ìlì bá yege pátápátá, ó ku rẹtifáyà. Lára ti ọ̀kadà oníwáyà mẹ́ta, wọ́n lè fi ibi àyẹ̀wò dáyóòdù lórí mítà wò ó: bí wọ́n bá fi ẹnu wáyà mítà kan ojú kọ́ìlì àti ojú bátìrì, yóò fi nǹkan bíi 0.4 sí 0.7 hàn ní ọ̀nà kan, bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹnu wáyà, yóò kọ OL. Èyí tó bá fi òdo hàn ní ọ̀nà méjèèjì ti kú. Ti ọ̀kadà kékeré kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí iná ìṣáàjì ń gbà nínú ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ irú èyí tí kì í ṣí àyàfi bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá pàṣẹ, nítorí náà mítà lè kọ OL ní ọ̀nà méjèèjì láìsí pé nǹkan kan ṣe é. Ọ̀nà tó dára jù fún irú rẹtifáyà yìí ni kí wọ́n fi ojúlówó tí wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀, kí wọ́n sì tún wo fóltì orí bátìrì. Kí wọ́n tún wo bí wọ́n ṣe dè é mọ́ ọ̀kadà. Ó gbọ́dọ̀ fara mọ́ irin níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kí ooru rẹ̀ lè jáde. Èyí tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sábẹ́ ìjókòó, tí wọ́n tún ki àkísà mọ́ lára, kò ní pẹ́ kí ó tó jóná.

Gbogbo èyí lè yege, kí bátìrì sì tún máa kú síbẹ̀. Ìgbà yìí ni ìṣírò àwọn ohun tí wọ́n fi kún ọ̀kadà ń wọlé, ibẹ̀ sì ni ìṣòro àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sábà máa ń wà. Ká wo ọ̀kadà kan tó ń kó èrò lálẹ́ ní apá Mọ́níyà ní Ìbàdàn, tí bátìrì 12V 7Ah wà lára rẹ̀, tí olówó rẹ̀ sì ti pààrọ̀ bátìrì náà lẹ́ẹ̀mejì. Lówùúrọ̀, bátìrì wà ní 11.9. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣáàjì rẹ̀ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí ó sinmi, ó di 12.7, sítátà sì fà á wálẹ̀ sí 10.6 péré. Bátìrì dára nìyẹn. Iná kankan kò jò. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo nǹkan tí wọ́n sì fún ẹ́ńjìnnì ní túrótù, mítà gòkè dé 14.2, tó fi hàn pé kọ́ìlì àti rẹtifáyà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan gbogbo ohun tí ọlọ́kadà náà máa ń tàn lálẹ́, nọ́ńbà náà já sí 12.2 pẹ̀lú túrótù, ó sì di 11.9 nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń mí.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi mítà ámpíà sí ẹsẹ̀ dúdú bátìrì, wọ́n sì tan nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná ẹ̀yìn jẹ ámpíà 0.4. Iná ẹ́líídì méjì tí ó rà lọ́jà, tí wọ́n kọ wáàtì 40 sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ 0.8 ní ẹyọ kan, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 10 péré, ó sì di 1.6 fún méjèèjì. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí irú iná yìí kì í sábà jẹ́ òtítọ́, mítà nìkan ló yẹ kí ènìyàn gbà gbọ́. Ṣájà fóònù jẹ 0.9. Iná iwájú onígílóòbù wáàtì 35 jẹ 2.7, ibẹ̀ sì ni àṣírí ti kọ́kọ́ tú, torí kò yẹ kí ó fara hàn lórí mítà rárá. Rìwáyà kan ti já a kúrò lára ẹ̀ka kọ́ìlì tirẹ̀, ó sì ti gbé e sórí bátìrì, kí ó lè máa tàn yòò kódà nínú gosílò. Ohun tó kẹ́yìn kò sí lójú ẹni tó ń gun ọ̀kadà: iná bíréèkì ń tàn ṣáá láìsí ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, nítorí pé wọ́n ti fa síwíìṣì rẹ̀ le jù. Ó ń jẹ 1.6 látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ámpíà 7.2. Ẹ̀ka ìṣáàjì irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀, bí a bá fún un ní ámpíà 3 nígbà tó bá ń sáré, a ti ṣe ojú rere sí i. Ámpíà 4 àti díẹ̀ ni bátìrì ń fi kún un láti inú ara rẹ̀. Bátìrì 7Ah kò lè gbé ìyẹn dé wákàtí méjì. Bí ó bá sì jẹ́ inú gosílò ni, tí kọ́ìlì kò mú ju ámpíà kan wá, ó máa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì tó tóbi jù kò lè yí ìṣírò yìí padà. Bí ìgbà tí ènìyàn gbé agbada ńlá sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó ni, ó máa pẹ́ díẹ̀ kí omi rẹ̀ tó tán, ṣùgbọ́n kò ní kún láéláé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wọn lówó púpọ̀. Wọ́n dẹ síwíìṣì bíréèkì, wọ́n dá wáyà iná iwájú padà sórí kọ́ìlì tirẹ̀, ohun tí bátìrì ń bọ́ sì já sí 2.9. Ìyẹn ṣì sún mọ́ ààlà jù fún ẹni tó ń wọ gosílò, nítorí náà wọ́n yọ ọ̀kan nínú iná ẹ́líídì méjèèjì. Ó ku 2.1. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù ní títàn, mítà orí bátìrì gòkè dé 13.4 nígbà tí wọ́n fún un ní túrótù. Bí olówó ọ̀kadà bá ṣì fẹ́ kí iná iwájú máa tàn láti inú bátìrì, kí ó fi ẹ́líídì tí mítà fi hàn pé kò jẹ ju ámpíà kan lọ rọ́pò gílóòbù wáàtì 35. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi kún un gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́, kí ó lè kú nígbà tí ọ̀kadà bá kú, kí ó sì ní fíùsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì. Họ́ọ̀nù mọ́tò méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ ámpíà 5, nílò rílé àti wáyà tó nípọn. Kì í ṣe torí bátìrì, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ń ké. Torí síwíìṣì ọwọ́ ọ̀kadà ni, tí kò lè gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ kí ó má jóná.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n má gbé bátìrì tó ti gbẹ padà sórí ọ̀kadà pẹ̀lú èrò pé ẹ́ńjìnnì á kún un. Ẹ̀ka ìṣáàjì kékeré yẹn lè dá ohun tí ojúmọ́ jẹ padà, kò lè jí òkú. Ṣájà ni kí wọ́n lò, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára bátìrì náà, ìyẹn ámpíà 0.7 fún 7Ah, fún bí wákàtí mẹ́wàá tàbí méjìlá. Kí wọ́n má so ó pọ̀ mọ́ bátìrì ọkọ̀ ńlá lórí ṣájà kan náà, nítorí ámpíà tó ń bọ́ bátìrì ńlá á se ti ọ̀kadà jinná. Bí ó bá wà ní 12.6 lẹ́yìn tó ti sùn sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n gbé e padà. Bí ó bá ti já wálẹ̀ sí 12.2 láìsí ohun tó jẹ ẹ́, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà tó wà ní òfìfo, ìgbà yẹn ni owó bátìrì tuntun tó jáde.